Àfikún Tí Lorne Gbàgbé Sílé

Láti ìgbà tí Verna Dyck ti ń bá kánsù ìlú Harrow Creek wá agbaṣẹ́ṣe, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta kan náà ló ń kó yìnyín kúrò lójú títì. Ọ̀kan á gba iṣẹ́ náà lọ́dún yìí, òmíràn á gbà á lẹ́ẹ̀mìíì, àwọn tó kù á kọ owó gegere kó lè dà bíi pé wọ́n díje. Gbogbo ìlú mọ̀. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí?

Verna ní kóun tó fẹ̀yìn tì, òun á tú wọn ká. Ó gbé ìkéde sórí ayélujára tí gbogbo ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà ń wò. Ó ní kí oníkálukú fọwọ́ sí i pé òun ò bá ẹnikẹ́ni dìmọ̀, kí àwọn tó máa yẹ ìwé wò sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wá rí i pé ẹnìkan ti ki gbólóhùn kan bọ inú ètò náà, pé agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ ní ọgbà ọkọ̀ láàárín ìlú, inú bí i burúkú. Ó kọ àfikún tó yọ ọ́ kúrò, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó fẹ́ díje. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí àfikún kó fi í sínú àpòòwé tó fi owó ẹ̀ sí, wọn ò ní ka tiẹ̀ sí. Verna ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣòfin yẹn, kí wọ́n má bàa máa ṣàánú ẹni tiwọn nìkan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àwọn àpòòwé, Verna ń ka owó tí kálukú kọ sókè létí gbogbo èèyàn. Owó Lorne Isbister, agbaṣẹ́ṣe àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn, ló kéré jù. Áà, inú Verna dùn! Ó yẹ ìwé náà wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Lorne, àfikún dà?"

"Èyí tó ní kò dìgbà téèyàn bá ní ọgbà níbí? Mo kà á, mà! Òun ló jẹ́ kí n wá!"

"Ìwé tó o fọwọ́ sí ńkọ́?"

"Ó wà lórí tábìlì nílé. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ sí i báyìí."

Stan Hryciuk, ọ̀gá ọ̀kan lára ilé-iṣẹ́ mẹ́ta yẹn, ẹni tó kàn lọ́dún yìí, bú sẹ́rìn-ín. "Verna, ṣé òfin ẹ ti ń gbẹ̀bẹ̀ ni?"

Verna yọ ti Lorne sọ́tọ̀, owó Stan ló wá kéré jù.

Nípàdé kánsù, Verna bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fagi lé gbogbo ẹ̀, kí wọ́n kéde rẹ̀ lákọ̀tun. Garth Penner, Mẹ́yọ̀ tó ń darí kánsù, nawọ́ sí fèrèsé. Yìnyín ti ń rọ̀.

"Ta ló máa kó ìyẹn, ìwọ àbí èmi?"

Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Stan.

Nígbà tí Lorne gba lẹ́tà pé wọn ò gba tiẹ̀, ó pe Verna. "Ṣé kí n tún wá lẹ́ẹ̀mìíì, mà?"

"Mi ò ní sí níbí mọ́ nígbà yẹn," ni Verna wí. Lorne dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Níta, ọkọ̀ ìkóyìnyín Stan ń kọjá. Stan juwọ́ sí i. Verna náà juwọ́ padà, àbí kí ló tún fẹ́ ṣe?