Tíṣà Ìbíkúnlé Gba Ààwẹ̀ Sìgá

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ló dé tó jẹ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú lẹ máa ń nà wá jù?"

Àràmídé ló béèrè, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kì í sábà lahùn ní kíláàsì. Bó ti béèrè tán, ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Tíṣà Ìbíkúnlé yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò lẹ́nu. Kò mọ ìgbà tó ti gbé e há ètè bí ẹni gbé sìgá há ètè.

"Jókòó," ló wí.

Ọjọ́rú ni, nínú Lẹ́ńtì ọdún 1973, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Yaba. Ìbéèrè náà dun Tíṣà wọ egungun. Òun tó fi sìgá sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run àti nítorí ìdílé, ọmọdé wá ń wò ó bí òǹrorò.

Nítorí ìdílé ni ní tòótọ́. Ogún sìgá ló ń fà lóòjọ́ kí ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́níkẹ́, tó bí Mobọ́lá ní oṣù kìn-ín-ní. Àyà ọmọ náà ò le. Bí bàbá bá ti ṣáná sí sìgá, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lọ́jọ́ kan Ọmọ́níkẹ́ palẹ̀ ẹrù mọ́, ó di ilé ìyá rẹ̀ ní Ìlúpéjú.

"Bàbá Mobọ́lá, n ò bá yín jà," ló wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ fi sìgá sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko, kí n gbọ́ òórùn aṣọ yín, a ó padà wálé."

"Oṣù kan ṣe jẹ́? Lẹ́ńtì ń bọ̀. Ogójì ọjọ́ ni n ó fún ọ."

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ Áńgílíkà lè má mọ ọgbọ́n tó wà nínú ogójì ọjọ́ yìí. Bí èèyàn bá kà láti Ọjọ́rú Eérú títí di alẹ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde, mẹ́rìndínláàádọ́ta ni yóò rí. Mẹ́fà tó lé ni àwọn ọjọ́ Àìkú. Àjọ̀dún Olúwa ni ọjọ́ Àìkú, wọn kì í kà á mọ́ ààwẹ̀. Sylvester, akọ̀wé tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà nínú akọrin, mọ ẹ̀kọ́ yìí ju Òfin Mẹ́wàá lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ jẹ́ mímọ́ ju kàlẹ́ńdà ìjọ lọ ni?" ló bi í ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ó sì na pákẹ́ẹ̀tì sìgá sí i.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn onírònúpìwàdà ti ń pàdé bí ìsìn bá ti parí. Ẹni tó yàgò fún ẹran ń jẹ súyà, ẹni tó kọ bíà sílẹ̀ ń ṣí ìgò. Tíṣà náà gba sìgá pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn tó mọ́. Láti ọ̀sán ló ti ń fà á títí tó fi wọ ibùsùn, ó fẹ́ kó tó òun lò títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po.

Lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ ibi tí yóò wà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oorun á ti sá, ebi á máa pa á lórí ìyó, orí á wúwo. Lọ́jọ́rú, bí ọmọ kan bá mí sókè, pàṣán ti sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́bọ̀ á tù ú díẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì á rẹ́rìn-ín, ní Àbámẹ́ta á máa kọrin nínú balùwẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tún dé.

Nígbà tí Tíṣà lọ kí wọn ní Ìlúpéjú, Ọmọ́níkẹ́ kò pariwo. Ó kan fimú kan kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì gbé Mobọ́lá fún ìyá tirẹ̀ pé kó gbé e wọ inú yàrá.

"Ẹ̀ ń gbìyànjú," ló wí. "Ẹ tètè máa lọ kílẹ̀ tó ṣú."

Nítorí náà, ní Ọjọ́rú tí Àràmídé béèrè ọ̀rọ̀ yẹn, Tíṣà ya ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Evelyn, tí wọ́n jọ ń gbé ilé, láti gba oògùn ẹ̀fọ́rí.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti fi sìgá sílẹ̀, Sísítà," ló wí, "ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló dà bí àná."

"Ìgbà wo lẹ fa èyí tó kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ Àìkú."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣí. "Tíṣà, ẹ ò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta yìí kan náà lẹ ti lò lẹ́ẹ̀mẹrin. Oògùn kan wà nínú tábà, nikotíìnì lorúkọ rẹ̀. Láàárín wákàtí bíi méjì, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ó ti tán, ọpọlọ tó ti mọ́ lára á wá máa ké. Ibẹ̀ ló ti gbóná jù. Ẹni tó bá fara da ìyẹn, á máa rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀; láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, èyí tó pọ̀ jù á ti lọ. Ẹ̀yin ń gun òkè dé góńgó, ẹ sì ń sọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti tún un gùn."

"Tó bá ń rọ̀, kí ló dé tó máa ń dákẹ́, tó sì ń dìde lójijì? Láàárọ̀ yìí ara mi balẹ̀. Aago ìsinmi dún báyìí, díẹ̀ ló kù kí n gbé ṣọ́ọ̀kì mì."

"Ẹ ti dúró létí ọ̀sà ní Ìwáyà rí? Omi á tẹ́ bí ẹní. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì á kọjá, ìgbì á dé, á gbá etí omi, á sì tún sùn. Aago ìsinmi ni ọkọ̀ tiyín. Ife tíì náà ni. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà ni. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti máa ń fà á, ara ti há a sórí. Ìgbì kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú bíi márùn-ún lọ. Ẹ fà á o, ẹ ò fà á o, á kọjá."

"Oògùn tẹ́ ẹ máa fún mi ńkọ́?"

"Aago ọwọ́ yín."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Sylvester na pákẹ́ẹ̀tì. Itọ́ kún Tíṣà lẹ́nu. Ó tẹjú mọ́ aago.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní ọkọ̀ ojú irin láti bá ni?"

"Ṣì dákẹ́ ná. Ó ku ìṣẹ́jú méjì."

Ìgbì náà kọjá. Sylvester ṣáná, ìgbì mìíràn tún gbé Tíṣà. Ìyẹn náà kọjá. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ìkẹta dé. Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà gbé pàṣán lọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́rú, bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, á jáde, á yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, á padà wọlé. Ní Àjíǹde, tí gbogbo ọkùnrin ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì fi èéfín yọ̀ pé Olúwa jíǹde, ẹ̀pà ló dúró tó ń jẹ. Ìgbì kan ṣoṣo ló dé bá a níbẹ̀, kò sì ga.

Nígbà tí oṣù kan pé láti ọjọ́ tó fa sìgá kẹ́yìn, Ọmọ́níkẹ́ gbóòórùn kọ́là, abíyá àti irùnmú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó gbé àpótí.

Ní ọdún 1979, Tíṣà pàdé Àràmídé ní ọjà Tejuoso, ó ti di ọmọge nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mobọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń fa Tíṣà lápá pé kí àwọn máa lọ. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó kí i.

"O bi mí ní ìbéèrè kan," ni Tíṣà wí, "mo sì ní kí o jókòó. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń fa sìgá. Ọjọ́rú ni ìyà rẹ̀ máa ń dé. Ẹ̀yin lẹ kàn jókòó níwájú mi."