Ọkọ̀ Tó Ń Bọ̀ Lọ́la

Mo ti bá oríṣiríṣi ènìyàn ṣiṣẹ́ sáìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Kútọ̀nú, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó ń bá ẹ̀rọ jà bíi Pàtírọ́n. Pàtírọ́n, ìyẹn ọ̀gá, ni gbogbo wa ń pè é, títí kan èmi tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà èbúté, níbi tí iyọ̀ òkun ti ń jẹ gbogbo irin fèrèsé. Ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ó sì gbà pé kò sí wàhálà kan láyé yìí tí kò ní yanjú bí a bá ti rí ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀.

Èmi ni mo ṣe sáìtì fún un. Sáìtì kékeré ni. Ojú-ìwé kan sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, òmíràn sọ ibi tí wọ́n wà. Èyí tí àwọn oníbàárà ń tìtorí rẹ̀ wá gan-an ni ojú-ìwé àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń retí: orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ tí yóò gúnlẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹrù gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀ èbúté. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ta aṣọ ní ọjà Missèbo máa ń ṣí i láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun.

Akọ̀wé ọ́fíìsì ló ń kọ àwọn ọjọ́ náà síbẹ̀. Obìnrin Pọ́bẹ̀ ni, ìlú ìyá mi, ó ń dá tọ́ ọmọ rẹ̀ méjì, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń rán wọn nílé ìwé. Ó máa ń pè mí ní Tàtá, ìyẹn àǹtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í pẹ́ dé ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kan kọ̀ tí kò dé. Sáìtì kò kọ ọjọ́ kankan sí i, *demain* ló kọ, ìyẹn ni pé ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, *demain* ṣì ni. Ọ̀sẹ̀ yí po, ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Àwọn kan gba ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n lọ dúró nínú oòrùn lẹ́nu èbúté, wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo. Obìnrin kan láti Missèbo gòkè wá, ó jókòó lórí àga Pàtírọ́n gan-an, ó tú gèlè rẹ̀, ó ní òun ò ní dìde títí lọ́la yóò fi dé.

Nígbà tí wọ́n rí i bẹ̀ kúrò níbẹ̀, Pàtírọ́n pe akọ̀wé síwájú gbogbo wa.

“O kọ lọ́la sílẹ̀, o sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀! Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ.”

“Pàtírọ́n, ọjọ́ ni mo kọ. Mi ò kọ lọ́la rí.”

“Ṣé lọ́la ló wá kọ ara rẹ̀?”

Ó tẹ̀ lé mi dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, omi ti lé sí ojú rẹ̀. “Tàtá, mo fi ìyá mi búra.” Mo gbà á gbọ́, àmọ́ kí ni mo fẹ́ fi gbè é? Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo ni gbogbo ọ́fíìsì ń lò láti fi fáìlì sí orí sáìtì, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lábẹ́ kàlẹ́ńdà. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ohunkóhun síbẹ̀, orúkọ ẹni tó fi í síbẹ̀ kò sì ní hàn. Inú bí mi. Mo ní màá ṣe nǹkan kan sí i.

Ohun tí mo ṣe náà ni àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè ní páípùláìnì. Mo kó gbogbo fáìlì sáìtì lọ sí ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń pa ìtàn àyípadà kọ̀ọ̀kan mọ́, mo sì fún oníkálukú ní àkáǹtì tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yí nǹkan kan padà, kọ̀ǹpútà kan níbi tó jìnnà réré yóò dìde, yóò kó àwọn fáìlì náà, yóò sì ṣe ìdánwò fún wọn: ṣé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó dájú? Ṣé ọjọ́ tí ẹrù yóò jáde kò ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò dé? Bí wọ́n bá yege, yóò wá fi wọ́n kọ́ àwọn ojú-ìwé sáìtì, yóò sì wò ó bóyá ìsopọ̀ kankan já tàbí àwòrán kankan sọnù. Bí ibi kankan bá kùnà, ó parí síbẹ̀. Sáìtì àtijọ́ ló máa wà níta, àwọn ará ìta kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dára tán ni yóò gbé sáìtì tuntun jáde. Mo yí ọ̀rọ̀ ìwọlé ara ògiri padà, mo fi tuntun pamọ́ sínú àpótí àṣírí páípùláìnì náà, mo sì ya ìwé ara ògiri dànù. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ.

Èmi gan-an ni ó kọ́kọ́ dá padà. Mo ti kọ orúkọ àwòrán kan pẹ̀lú lẹ́tà ńlá níbì kan, lẹ́tà kékeré níbòmíràn. Kọ̀ǹpútà tèmi kì í ka ìyẹn sí, àmọ́ ti ọ̀hún kò gbà rárá. Mo bú u, mo tún un ṣe, ó gbà.

Mo wá ṣètò rẹ̀ kí èsì ìdánwò máa wọ gúrúùpù ọ́fíìsì lórí fóònù: ibi tó ti kùnà, ohun tó fà á, àti ẹni tó ṣe àyípadà náà. Mo lè lo ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o. Mi ò lò ó. *REFUSÉ*, ìyẹn ni pé a kọ̀ ọ́, ni mo kọ, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, torí mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gba ẹrù ní èbúté tí àyà rẹ̀ kì í já bó bá rí ọ̀rọ̀ yẹn lórí ìwé rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí akọ̀wé ṣèèṣì fi ọjọ́ ìjáde ṣáájú ọjọ́ ìgúnlẹ̀, *REFUSÉ* dún lórí fóònù gbogbo wa. Ó tún un ṣe kíá, ó kọjá. Pàtírọ́n sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Madámù, ta ni ọ̀gbẹ́ni yìí?”

“Ọ̀gbẹ́ni wo?”

“Ẹni tó ń kọ *REFUSÉ*.”

“Ẹ̀rọ ni, Pàtírọ́n.”

“Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti sọ fún mi pé ẹ̀rọ ló kọ̀, ẹnì kan ló jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Ṣé kì í mu bíà ni? Ẹ mú un wá sí ilé ọtí ní Jonquet lọ́jọ́ Jímọ̀.”

“Kì í mu.”

“Ẹran ńkọ́?”

“Kì í jẹ nǹkan kan.”

Ó mi orí. “Irú wọn ló burú jù.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Òótọ́ ni mo sọ fún un, àmọ́ mi ò fi agídí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí, torí ó dùn mọ́ mi láti máa wò ó bó ṣe ń bẹ̀rù ọ̀gbẹ́ni tí kì í jẹ, tí kì í mu. Ká sì sọ tòótọ́, ẹnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà lóòótọ́: èmi ni mo kọ àwọn ìdánwò náà. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n kọ́ òun bí òun náà ṣe lè fi fóònù wọlé síbi tí àwọn fáìlì wà, kí òun lè máa ṣọ́ ọkùnrin yẹn. Mo kọ́ ọ, mo sì fún un ní àkáǹtì tirẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bú jáde, èmi àti akọ̀wé jókòó sórí àtẹ̀gùn, a ń jẹ àtàásì, ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀wà. Kò tíì tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ rárá. Fóònù wa dún lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a tó nu ọwọ́ tán láti wò ó, Pàtírọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn òkè gbàgà.

“Ìwọ! Wọ́n tún ti kọ̀ ọ́! Lọ́la, lọ́la, lọ́la! Kí ni mo sọ fún ọ? Kó ẹrù rẹ!”

Gbogbo ọ́fíìsì jáde wá wòran. Akọ̀wé dìde, abọ́ oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yọjú sí fóònù mi, mo rí ohun tó wà níbẹ̀, ara mi sì yá gágá.

“Pàtírọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á sókè. Ojú mi ń ṣe bàìbàì láàárọ̀ yìí.”

Ó gba fóònù. “*REFUSÉ*. Ìdánwò ọjọ́. Ohun tí a retí: ọjọ́. Ohun tí a rí: *demain*. Ẹni tó ṣe àyípadà...” Orúkọ Pàtírọ́n gan-an ló wà níbẹ̀, orúkọ ìdílé ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ní kí n kọ ọ́.

Ó dá fóònù mi padà.

“Oníbàárà kan ló pè mí,” ló sọ nígbẹ̀yìn. “Mo ní lọ́la. Mo fẹ́ kí sáìtì náà sọ ohun tí mo sọ. Ṣé irọ́ ni? Lónìí tí mo kọ ọ́, òótọ́ ni!”

“Ti ìjelòó yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin náà ni?” ni mo bi í.

“Mo rò pé ẹ ó máa yí i padà ni, bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́.”

Ẹ̀rín tó ti fẹ́ gbé mi ṣubú kúrò lẹ́nu mi. Mo wo akọ̀wé. Ó gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Pàtírọ́n, láti ìgbà yẹn mi ò sùn dáadáa. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé ó ṣeé ṣe kí a padà sí Pọ́bẹ̀. Ẹ fẹ́ lé mi nítorí ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ.”

Pàtírọ́n kì í tọrọ àforíjì, kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, níbi tí mo ti dìde. Ó ní, “Madámù, ǹjẹ́ a lè sọ fún ọkùnrin yẹn pé bí èmi bá kọ nǹkan, kó má jẹ́ kó kọjá àfi tí obìnrin yìí bá rí i?”

Mo ní a lè sọ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ náà ni mo ti ṣí kọ̀ǹpútà mi, tí mo sì ti ọ̀nà yẹn pa: àyípadà kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ojúlówó sáìtì mọ́ àfi tí ìdánwò bá yege, tí akọ̀wé sì fọwọ́ sí i.

Kò pẹ́ tí Pàtírọ́n fi tún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kọ. Ọjọ́ gidi ló kọ lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú oṣù àti ọdún. Ìdánwò ọjọ́ kọjá. Ẹ̀rọ kọ́ àwọn ojú-ìwé dáadáa. Kò sí ìsopọ̀ kan tó já. Gbogbo rẹ̀ tan àwọ̀ ewé, àmì pé ó yege. Pàtírọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà akọ̀wé.

“Ṣé ó ti kọjá?”

“Ìdánwò ti kọjá.”

“Ó wá ku ta ni?”

“Ó ku èmi.”

Akọ̀wé ka ojú-ìwé náà, ó tún un kà. “Pàtírọ́n, ta ló sọ ọjọ́ yìí fún yín?”

Pàtírọ́n wo òkè, ó wo ìta níbi tí àwọn ọlọ́kadà zẹ́mì ti ń fọn fèrè. “Mo fojú bù ú ni.”

Akọ̀wé tẹ bọ́tìnì, ó dá a padà fún un.

“Ẹ pe èbúté,” ló sọ.

Pàtírọ́n sì mú fóònù, ó pè wọ́n.