Ohun tí Àjàní Rí láti Orí Àpáta

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìbọn kọ́kọ́ dún ní Ìsẹ́yìn, Àjàní, àbúrò ìyá mi, wà nídìí òfì rẹ̀, ó ń hun aṣọ. Kò gbọ́ ìbọn náà. Ìyá mi tí ó ń ran òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ pẹ̀lú. Èmi ni mo gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo sá wọlé, mo fọwọ́ kan ìyá mi léjìká, mo sì fi ọwọ́ sọ fún un pé ìbọn ń dún ní ọ̀nà ọjà.

Ó béèrè pé: "Ìbọn àwọn ọdẹ wa ni, àbí ti ṣọ́jà?"

Mo ní n kò mọ̀. Àjàní gé òwú kúrò lára òfì, ó ká aṣọ tí ó ti hun, ó dìde. Ìlú ti dìde sí àwọn aṣojú ìjọba, ìjọba sì ti rán ṣọ́jà sí wa. Kí oòrùn tó wọ̀ a ti kúrò nílé.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ kò sí láyé nígbà náà mọ irú ọ̀rọ̀ tí a ń fi ọwọ́ sọ. Nínú agbo ilé wa, odi mẹ́fà ni ó wà, ìyá mi àti Àjàní lára wọn. Láti ìran dé ìran ni a ti ń bí odi. Àwa tí a ń gbọ́ràn, èdè ọwọ́ náà ni a kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹnu wa tó là. Kì í ṣe nínàka àti fífọwọ́kanra lásán. Bí ìyá mi bá ń béèrè ohun tí èsì rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa ń gbé ìpéǹpéjú sókè. Bí ó bá ń sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ ni ó ń mì bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí ni ó ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹni méjì tí kò sí níbẹ̀, yóò fi ọ̀kan sí apá ọ̀tún, yóò fi èkejì sí apá òsì, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi parí kò ní í ṣì wọ́n mú. Àná wà lẹ́yìn èjìká, ọ̀la wà níwájú àyà. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn odi Ṣakí àti ti Tẹ̀dé a máa wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bí ará Tẹ̀dé ṣe ń sọ "omi" yàtọ̀ sí tiwa, Àjàní a sì máa sín in jẹ títí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò fi rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ìlú ń pè wá ní ilé odi. Wọ́n gbà pé fífi ọwọ́ kan ẹnu nígbà tí ebi bá ń pa ènìyàn ni gbogbo ohun tí a mọ̀.

Àwa bí ọgbọ̀n ni a sá pamọ́ sábẹ́ àpáta kan ní ọ̀nà Ṣakí. Bàbá Súlè, oníṣòwò òwú, ni ó fi ara rẹ̀ ṣe olórí wa. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Súlè, wà pẹ̀lú wa. Àgbàdo tútù ni a ń jẹ nítorí a kò gbọdọ̀ dáná. Lọ́jọ́ kẹta omi tán. Àwọn ọmọ kò sunkún mọ́. Ètè wọn ti bó.

Àjàní ti gun orí àpáta kejì, ní òdìkejì àfonífojì, láti máa ṣọ́nà. Bí ẹni tí ń gbọ́ràn bá wà níbẹ̀, kò ní lè sọ ohun tí ó rí fún wa láìké, bí ó bá sì ké, ṣọ́jà yóò gbọ́. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ náà ìyá mi dìde, ó tẹjú mọ́ ọn, mo sì ń túmọ̀:

"Àjàní ní ṣọ́jà tó ogún wà ní etídò. Wọ́n fara pamọ́ sínú ewéko, apá kan ní ìhín, apá kan ní ọ̀hún. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ará ìlú wa kan ni ó mú wọn wá. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi, wọn yóò mú wa. Ó ní ọ̀nà wà ní ẹ̀yìn àpáta tí ó lọ sí oko Tẹ̀dé."

Bàbá Súlè gbá mi létí.

"Ọmọ burúkú! Odi ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìwọ wá ro ẹjọ́ odidi ọjọ́ kan. Ta ló kọ́ ọ ní irọ́?"

"Kì í ṣe irọ́, Bàbá. Ohun tí ó sọ ni mo sọ."

"Mo mọ èdè odi. Èyí ni oúnjẹ." Ó fi ọwọ́ kan ẹnu. "Èyí ni oorun." Ó gbé orí lé àtẹ́lẹwọ́. "Ó parí. Kí ló tún kù?"

Ìyá Súlè ni ó ní kí a dán an wò. Ó mú mi lọ sí kọ̀rọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi létí. Wọ́n da aṣọ bo ojú ìyàwó Àjàní, tí òun náà ń gbọ́ràn, kí ó má baà rí wa. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá mi, ìyá mi sọ ọ́ kọjá àfonífojì fún Àjàní. Wọ́n wá da aṣọ bo ojú tiwa, èmi àti ìyá mi, wọ́n ṣí ojú ìyàwó Àjàní. Àjàní sọ ọ́ fún un láti òkè, obìnrin náà sì fi ẹnu pè é jáde:

"Bàbá Súlè bínú sí ìyàwó rẹ̀ lánàá nítorí pé ó fi omi nu ojú ọmọ ọlọ́mọ. Bí òjò bá rọ̀ lọ́la, kí ó tọrọ àforíjì."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ìyá Súlè ní: "Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, Bàbá Súlè."

Ojú Bàbá Súlè le. "Èdè kọ́ nìyẹn. Oògùn ni. Ta ni ó mọ̀ bóyá ọwọ́ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe ṣọ́jà? Ẹ máa tẹ̀ lé àjẹ́ lọ o. Èmi ń lọ pọnmi." Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Dìde."

Ìyá Súlè wo ìyá mi pẹ́. Ó gbé akèrègbè, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ni ó bá wọn lọ.

Àjàní ṣì dúró lórí àpáta. Nígbà tí ìbọn dún, ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ó ṣáájú wa gba ẹ̀yìn àpáta. Bí ó bá dé ibi tí ọ̀nà ti yà, yóò yíjú padà, yóò sọ fún ìyá mi bí ọ̀nà ṣe rí níwájú, ìyá mi yóò sọ fún mi, èmi yóò sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí a ṣe dé oko Tẹ̀dé nìyẹn. Odi tí ó máa ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni ó fún wa lómi.

Nígbà tí ìjà rọlẹ̀ tí a padà sílé, àwọn ènìyàn ń tutọ́ sílẹ̀ bí a bá ń kọjá. Wọ́n ní ọwọ́ ìyá mi ni ó pe ṣọ́jà wá sí etídò. Obìnrin kan sọ òkúta lù ú nídìí kànga. Kò sí ẹni tí ó gbèjà wa, àní àwọn tí ó bá wa dé Tẹ̀dé.

Bàbá Súlè bọ́ lọ́wọ́ ṣọ́jà lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n ti fi í ru ẹrù. Ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní ọ̀sán gangan. Kò kí ìyá mi. Èmi ni ó bá sọ̀rọ̀.

"Wọ́n so mí mọ́lẹ̀, wọ́n dojú mi kọ ilẹ̀. N kò rí ìyàwó mi mọ́. Bi àbúrò ìyá rẹ bóyá ó rí i."

Àjàní ní òun rí i. Ìyá mi yíjú sí mi kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní: "Má ṣe gé e kúrú. Má sì ṣe fi oyin sí i."

Àjàní fi odò sí iwájú rẹ̀. Ó fi àwọn ṣọ́jà sí apá méjèèjì. Ó fi Bàbá Súlè sí ibì kan, ó fi Ìyá Súlè sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sọ bí obìnrin náà ti sá títí dé ìdí igi òrí kan, bí ó ti padà nígbà tí ó rí i pé wọ́n ti so ọkọ òun, bí ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àti ibi tí ìbọn ti bá a. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ti ìbọn tán, ọwọ́ Àjàní ṣì ń sọ̀rọ̀: ó ń sọ ibi tí òun àti ìyá mi padà lọ sin ín sí, mo sì sọ ìyẹn náà. Bàbá Súlè kò wò mí. Ọwọ́ ni ó ń wò, kò sì mirí, títí ọwọ́ náà fi sọ̀ kalẹ̀ sórí itan. Ó dìde, ó lọ láìdágbére. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò yéé pè wá ní àjẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn ọlọ́rọ̀ ẹnu tí mo mọ̀ ní ìlú yẹn, òun nìkan ni ó jókòó dúró kí odi sọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán.