Ṣíbí Oyin Tí Ìyá Mi Kò Kà

Ìyá Ẹ̀rọ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá mi, nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń ké láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nínú yàrá iwájú ilé wa. Aṣọ ọmọdé ló ń rán. Ó lè fi ojú lásán wo ìkókó kan, kó gé aṣọ rẹ̀ láìlo téèpù, kó sì bá a mu rẹ́gí. Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ni àgbo. Obìnrin tó bá wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀ yóò kó ewé díẹ̀ mọ́ ọn lọ nínú bébà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ gígùn tí kò béèrè fún. Bí ẹnikẹ́ni bá jiyàn, gbólóhùn kan náà ni ìyá mi fi máa ń pa á lẹ́nu mọ́: "Ọmọ mẹ́fà ni mo fi àgbo tọ́. Èwo ló kú níbẹ̀?"

Èmi ni ìkẹta nínú mẹ́fà yẹn. Bí oníbàárà bá ṣì ń ṣiyèméjì, á pè mí jáde kí wọ́n fi ojú rí àyà àti apá mi. Mo ti tó ogójì ọdún o, síbẹ̀ wọ́n ń fi mí hàn bí ẹni ń fi aṣọ tuntun hàn.

Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà tí ìyá mi ń kó bọ́tìnnì sí. Fìlà ìkókó kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kì í tà, tí kì í sì í fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi í pé ti ta ni. Ó ní kí n lọ wá nǹkan ṣe.

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀, ilé wa ló wá sinmi sí. Ọmọ náà mọ ariwo í pa. Ọ̀gá Kékeré la sọ ọ́, torí bó bá ti ké, gbogbo wa la óò dìde. Ó pé oṣù kan, ẹkún náà tún le sí i. Ìyá mi ní inú ló ń dùn ún, ó sì gbé ìkòkò kaná.

Ewé oríṣi méjì àti èèpo igi kan ló sè. Ọ̀gá Kékeré tọ́ ọ wò, ó tu ú jáde. Ìyá mi bá tẹ́ ẹ sórí itan, ó fi ọwọ́ dí i lẹ́nu ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń rọ ọ́. Àgbo náà gba ibi tí kò yẹ. Ọmọ náà húkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, àyà mi sì já.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

"Ìwọ náà sá húkọ́. Ṣé o kú ni?"

Àmọ́ àyà tiẹ̀ náà ti já, torí kò rọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé ìgò oyin, ó ro ṣíbí kan mọ́ àgbo náà, ó sì ń fi ṣíbí kékeré kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ń lá ètè. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì lá ìyókù tó wà lára ṣíbí.

Bíi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Kékeré kò yàgbẹ́ mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ìyá mi ní àgbo ti kéré jù, ó fi kún un. Bó ṣe ń fi kún àgbo náà ló ń fi kún oyin.

Nígbà tó yá, ilé dákẹ́. Ìyá mi pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? Inú rẹ̀ ti balẹ̀." Òótọ́ ni pé ọmọ náà kò ké mọ́. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán, àbúrò mi ní ọmú ń bọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, kò lè fà á. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, bẹ́ẹ̀ kò sùn. Mo gbé e, ọrùn rẹ̀ yẹ̀ lọ́wọ́ mi. A kò dúró wọ bàtà kí a tó gbọ̀nà ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí ọmọ jẹ. Ìyá mi na ọrùn. "Ọmú nìkan."

"Màámi!" ni àbúrò mi ké, omijé ti bo ojú rẹ̀. "Ó mu àgbo, Nọ́ọ̀sì."

Ìyá mi bá ka àwọn ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àti iye omi. Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ní ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò àgbo, kò tilẹ̀ nílò omi lásán. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ bí ìkòkò àgbo kan ṣe le tó sí òmíràn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ìkókó kò sì lágbára à ti gbé e. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ dára. Ẹ̀dọ̀ dára. Kò sí ibà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn mọ́, kí a má tíì sọ ti àwa. Mímí rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀.

Dókítà wá jókòó ti ìyá mi. Obìnrin ni, kò sì jágbe. "Màmá, àgbo tí ẹ kà yẹn korò. Báwo lẹ ṣe mú kí ọmọ gbà á mu?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ah, Dókítà, oyin ni mo fi ń tàn án."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní kòkòrò kan tí ojú kò lè rí máa ń wà nínú oyin nígbà mìíràn, tó ń sùn bí hóró tí a kò tíì gbìn, tí omi gbígbóná ilé ìdáná kì í pa. Inú àgbàlagbà máa ń borí rẹ̀. Nínú ìfun ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ó lè jí, kó máa tú májèlé tó ń sọ iṣan di ọ̀lẹ: ìgbẹ́ á kọ́kọ́ dúró, ẹkún á lọ sílẹ̀, ọrùn á rọ̀, èémí á wá tẹ̀lé e. Ó dìde, ó lọ wá oògùn tó ń ká májèlé náà lọ́wọ́ kò. Wọ́n gbé ọmọ sórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí.

"Oyin?" ni ìyá mi ń bi mí lórí ìjókòó ìta. "Oúnjẹ ni oyin. Kì í ṣe oògùn. Ṣé mo fún ìwọ náà?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Màámi."

"Mi ò rántí." Ó tún sọ ọ́. "Mi ò rántí."

Èmi náà kò mọ èwo ni kí n gbà gbọ́. Àgbo tí a mu dàgbà, ṣé òun ló tọ́ wa ni, àbí a kàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Wọ́n yọ ẹ̀rọ kúrò. Lọ́jọ́ karùn-ún sí i, Ọ̀gá Kékeré ké, ó ké gan-an, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Inú mi dùn débi pé mo gbá ògiri mọ́ra.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fa dókítà lápá aṣọ. Fìlà inú àpótí bọ́tìnnì wà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ ìgbà tó mú un wá.

"Dókítà, ọmọ tí kò yàgbẹ́, tí ẹkún rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí ìyá rẹ̀ ń sọ pé inú rẹ̀ ti balẹ̀... ó ti lé lógójì ọdún. Ṣé òun náà ni?"

"Mi ò lè mọ̀ báyìí, Màmá. Ọmọ ta ni?"

Ìyá mi tẹ́ fìlà náà sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo èmi, tí mo ti ń pe ara mi ní ìkẹta láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

"Méje ni mo bí," ló wí.