Ìka Kúbúrátù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Kúbúrátù fi ya ẹ́síréè eyín ní ilé ìwòsàn kan ní Edjeba, ní Warri. Bí ọmọdé bá ń sunkún, tí arúgbó ò lè pa ẹnu dé, òun fúnra rẹ̀ a fi ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún ti fíìmù mọ́ eyín wọn, ẹlòmíì a tẹ bọ́tìnnì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ọjà tó ń wá síbẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọn a mú báàjì àyà rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ iye ìtànṣán tó bà á. Èsì a dé: kò sí nǹkan. Ọkàn rẹ̀ a balẹ̀.

Èékánná ìka náà ló kọ́kọ́ là. Awọ ibẹ̀ gbẹ, ó ń dán. Lẹ́yìn náà egbò yọ. Oṣù mẹ́rin, kò jinná.

Ọlámijí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti máa bójú tó ẹ̀rọ náà, rí i, ó bi Kúbúrátù, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Mùízz.

"Ìyá Mùízz, kí ló ṣe yín níka?"

"Ọṣẹ ìfọṣọ ni."

"Ṣé ìka yìí lẹ fi ń di fíìmù mú?"

Ó ká ìka náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Àyà ni báàjì wà, mà. Kò mọ ohun tó ń bá ìka."

Ọlámijí mú irin tí wọ́n fi ń di fíìmù mú jáde. Ó wọn mítà méjì sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó dé ẹ̀yìn ògiri. "Ibí ni kí ẹ máa dúró sí. Bí ẹ bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìtànṣán náà ló máa bà yín."

Ní Àlàmísì, Humairah mú ọmọ rẹ̀ Qudrah wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú. Dókítà fẹ́ rí gbòǹgbò eyín. Qudrah tu irin náà jáde.

"E dey pain me!"

"Ẹ bá mi fi ìka di fíìmù náà mú, Ìyá Mùízz," Humairah ní, "bí ẹ ṣe ṣe fún mi ní kékeré. Àbí ẹ ti di ọ̀gá ni?"

Ọwọ́ Kúbúrátù gbéra. Ó rí egbò náà, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Mi ò ní dì í. Ìwọ náà ò ní dì í, oyún wà nínú rẹ. Bọ́ síta."

Ó pe Ràhímù, bàbá àgbà ọmọ náà, wọlé. Ó wọ ẹ̀wù òjé tó ń dá ìtànṣán dúró fún àwọn méjèèjì, ó tún fi òjé bo ọrùn ọmọ.

"Ẹ̀wù yìí wúwo ju àpò ìrẹsì lọ. Ṣé ogun là ń lọ ni?"

"Ogun tí ojú ò rí ni, Bàbá. Ìdí irin ni kí ẹ mú. Kí ìka yín má bọ́ síwájú ẹnu ẹ̀rọ."

Ó lọ sẹ́yìn ògiri, ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán náà mọ́ kedere. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó nílò ìka rẹ̀ mọ́.

Ní Mọ́ńdè, dókítà awọ ara gé díẹ̀ lára egbò náà fún àyẹ̀wò.

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì." Dókítà ò wo ojú rẹ̀. "Nígbà tí ẹ ń fi ìka di fíìmù mú, bí ọwọ́ ọ̀tún bá rẹ̀ yín, èwo lẹ máa ń lò?"

Kúbúrátù rọra gbé ọwọ́ òsì lé orí tábìlì.