Bí Mo Ṣe Ka Ọjọ́ Márùn-ún Níwájú Kọ̀mpútà

Kíláàsì náà wà ní Harobanda, àdúgbò kan ní òdìkejì odò ìlú wa, ní orílẹ̀-èdè tí ó bá Nàìjíríà pààlà, níbi tí takisí ti ń já àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ́ àwa ogún ọ̀dọ́ bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀mpútà, ní àràárọ̀ Sátidé, láìgba kọ́bọ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà, ìdánwò yóò wà, àwọn mẹ́fà péré ni wọn yóò sì mú fún ẹ̀kọ́ ọdún kan. Ẹni tí wọ́n bá mú yóò máa jókòó ti kọ̀mpútà lójoojúmọ́. Ẹni tí wọn kò bá mú, ó parí fún un, nítorí wọn kì í gba ẹni tí ó bá ti kọjá ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, èmi sì ti pé mẹ́tàdínlógún kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Kò sí kọ̀mpútà ní ilé wa ní àdúgbò Poudrière. Kò sì sí ẹnìkan nínú ẹbí wa tí ó ní i.

Ìwé ìkọ̀wé ni mo fi ń ṣe ìdánrawò. Mo máa ń kọ àṣẹ sínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní àdúgbò Kalley, láàárín àwọn òkìtì aṣọ, èmi fúnra mi a wá ṣe bí kọ̀mpútà: màá ka ìlà kan, màá ṣe ohun tí ó wí, màá kọ èsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ìṣòro irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀ ni pé kọ̀mpútà tí ó bá ń gbé inú orí ènìyàn máa ń gba ohunkóhun tí onítọ̀hún bá ti gbà tẹ́lẹ̀.

Olùkọ́ wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣì ń kàwé ní yunifásítì. Faransé ni ó fi ń kọ́ wa, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, èdè Zarma, èdè àwọn onílẹ̀, ni ó ń lò, nítorí gbogbo wa ni a gbọ́ ọ. Ní Sátidé kejì, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ àtòjọ ohun mẹ́rin tí ó wà ní ilé rẹ̀. Mo kọ àǹkárá, léèsì, básàn àti ṣẹ́dà, mo sì pe àtòjọ náà ní aso. Ó ní kí a tẹ èyí àkọ́kọ́ jáde. Mo kọ aso[1]. Léèsì ni ó jáde.

"Ta ni ó jí àǹkárá rẹ?" ni ó bi mí. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí n wá tẹ èyí tí ó kẹ́yìn jáde. Mo kọ aso[4], nítorí mẹ́rin ni wọ́n. Lẹ́tà pupa bo ojú kọ̀mpútà: nọ́ńbà náà ti kọjá òpin àtòjọ. Olùkọ́ wá ṣàlàyé fún wa pé nọ́ńbà tí a ń kọ sínú àkámọ́ kì í ṣe ipò ohun náà bí kò ṣe ìṣísẹ̀ tí a óò gbé láti orí ìlà kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ wà ní orí ìlà, a kò ní gbé ìṣísẹ̀ kankan, nítorí náà òfo ni tirẹ̀. Ẹni kẹrin gba ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ó fi kún un pé range(4), tí ó máa ń to nọ́ńbà fún iṣẹ́ àṣetúnṣe, yóò fún wa ní òfo, ení, èjì, ẹ̀ta, kò sì ní fún wa ní ẹ̀rin láéláé, nítorí ẹ̀rin ni ògiri.

"Ẹ má fi orí gbá ògiri," ni ó wí.

Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá mi, ó ń wọn básàn, kò sì gbé ojú sókè.

"Òfo kẹ̀? Ìyá mi, ta ni ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti orí òfo?"

"Kọ̀mpútà ni, Bàbá."

"Nígbà náà, kí wọ́n má gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi o. Yóò wọn ọ̀pá mẹ́rin, yóò ní òun wọn mẹ́ta."

Bàbá mi kọ́ mi ní òǹkà kí ilé ìwé tó kọ́ mi. Ní abúlé rẹ̀ ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, tí èmi kò dé rí, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà, wọ́n sì ń pè é ní ọrún. Bí ẹrù bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà, tí bàbá mi sì sọ pé ó di ọrún, yóò na ìka: òní ení, ọ̀la èjì, ọ̀túnla ẹ̀ta, títí ìka yóò fi pé márùn-ún. Òní wà nínú rẹ̀. Bí ọjà bá jẹ́ Mọ́ńdè, ọjà tí ó tẹ̀lé e di Fúráìdè. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ará wa tí ń tajà ní Kalley ṣe ń ka ọjọ́, kò sì sí ẹni tí ó ṣì í láàárín wọn. N kò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà.

Láti ìgbà náà, lẹ́tà pupa nìkan ni ó ń bà mí lẹ́rù. Mo kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, mo kọ́ ògiri. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ka ọjọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀ láti orí ení, màá kọ range(1, 8) láìronú, nítorí ẹ̀jọ ni ògiri. Ọmọbìnrin Zarma kan ni èmi àti òun jọ ń lo kọ̀mpútà kan. Kò yára. Bí ó bá kọ àṣẹ tán, yóò ya àtòjọ kékeré kan sí ìwé, yóò sì máa fi ìka tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo máa ń bi í bóyá ẹ̀wà ni ó ń ṣà. Òun náà á fèsì pé ẹ̀wà tí a kò ṣà ni í fọ́ eyín.

Ní ọjọ́ ìdánwò, iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fún wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní kọ̀mpútà tirẹ̀. Mo ṣe méjì àkọ́kọ́ láìṣe àṣìṣe kankan. Ìkẹta dá lórí odò: àtòjọ kan wà tí wọ́n pè ní eau, ìyẹn omi ní Faransé, gíga omi odò fún ọgbọ̀n ọjọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ kan, nọ́ńbà kan. Wọ́n ní kí a tẹ gíga omi jáde tous les cinq jours, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo rántí òfo. Mo rántí ògiri. Mo wá ronú sí ìṣísẹ̀: bí òní bá jẹ́ ení, ọjọ́ karùn-ún ni a óò tún wọn omi, láti orí ení dé orí àrún sì jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Inú mi dùn pé mo rí pàkúté tí wọ́n dẹ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí, láti orí òfo títí dé iye ọjọ́ inú àtòjọ, ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin:

for i in range(0, len(eau), 4):
    print(eau[i])

Nọ́ńbà mẹ́jọ jáde, wọ́n tò ní ìsàlẹ̀ ara wọn. Kò sí lẹ́tà pupa. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde nínú kíláàsì. Bí mo ti ń kọjá, mo rí ọmọbìnrin Zarma náà tí ó tẹ orí ba, tí ó ń fi ìka tẹ ìwé.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, wọ́n lẹ orúkọ mẹ́fà mọ́ ilẹ̀kùn. Orúkọ ọmọbìnrin Zarma náà ni ìkẹrin. Tèmi kò sí níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lọ bá olùkọ́. Ó ṣí iṣẹ́ mi, ó sì yí ojú kọ̀mpútà sí mi.

"Nọ́ńbà mélòó ni o rí?"

"Mẹ́jọ, Monsieur."

"Mẹ́fà ni ó yẹ kí o rí. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ kọkànlá, títí dé ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ìṣísẹ̀ márùn-ún. Kí ni mẹ́rin ń wá níbí?"

Mo ṣàlàyé ọrún fún un. Mo na ìka bí bàbá mi ti ń nà á. Ó gbọ́ mi tán, kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé àwọn Faransé pàápàá ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ó wà nínú rẹ̀, kí ni ó wá burú nínú tiwa?

Òun náà fi ìka kà á.

"Òótọ́ ni," ni ó wí. "N kò ronú kàn án rí. Ṣùgbọ́n range kò ka òní mọ́ ọn. Nọ́ńbà kẹta tí o bá fún un ni yóò fi kún èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun mìíràn."

"Ǹjẹ́ ẹ kò lè fún mi ní àyè láti tún un ṣe? Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni màá yí padà."

"Àwọn mẹ́fà ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìní àṣìṣe. Ta ni kí n yọ nínú wọn?"

Ó na ìwé ìkọ̀wé mi tí mo gbàgbé sórí tábìlì sí mi, ó sì pe ẹni tí ó dúró lẹ́yìn mi.

Ọmọbìnrin náà dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà. Kò yọ̀ níwájú mi. Ó sọ fún mi pé òun fi ọjọ́ mọ́kànlá dán tirẹ̀ wò lórí ìwé, òun rí i pé ìka òun balẹ̀ sórí ìkìn-ín-ní, ìkẹfà àti ìkọkànlá, òun sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ya àtòjọ ọjọ́ mọ́kànlá kan, ṣé màá rí àṣìṣe mi? Mo ti bi ara mi nígbà púpọ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé n kò ní í rí i. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ karùn-ún àti ọjọ́ kẹsàn-án ni ìka mi yóò balẹ̀ lé, màá sì sọ pé ó pé.

Nígbà tí bàbá mi béèrè, mo ní wọn kò mú mi.

"Kí ni o ṣì?"

"Mo ṣi ọjọ́ kà, Bàbá."

Ó wò mí, ojú rẹ̀ kún fún ìyàlẹ́nu. "Ìwọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́?" N kò sọ ìyókù fún un. Ó ní Ọlọ́hun ni ó mọ ohun tí ó dára jù, pé kí n bá òun gbé ìdì ṣẹ́dà kan wá sí iwájú, oníbàárà ń dúró.

Ọmọbìnrin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Sátidé mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra, lẹ́yìn kíláàsì, láti wá kọ́ mi ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Èrò rere ni ó ní. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé. Ní ìgbà kejì, mo gbọ́ ìdajì. Ní ìgbà kẹta, ó fi ìka ya nǹkan sórí bébà tí a fi ń di aṣọ, ó ń sọ nípa àtòjọ tí àtòjọ mìíràn wà nínú rẹ̀, mo sì ń mi orí. Ó dúró lójijì, ó ní kí n tún ohun tí òun sọ sọ. N kò lè tún un sọ. Ó ká bébà náà, ó béèrè iye tí a ń ta àǹkárá kan tí ó wà lẹ́yìn mi, mo sọ ọ́ fún un, ó ní òun yóò sọ fún ìyá òun.

Kò padà wá mọ́. N kò sì dá a lẹ́bi.