Ìpolówó Agbẹ̀bí Tí A Tún Kọ

Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ni mo ti ń ṣe alákòóso ní Otokiti, ní Lokoja. Agbẹ̀bí mẹ́rin ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n lásìkò tí mò ń sọ yìí, méjì ló kù. Ọ̀kan ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sókè òkun, ìjọba sì ti gba ìkejì síṣẹ́ l'Ábújá. Àwọn tó kù ni Mátíróònù wa, obìnrin Yàgbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, àti ọmọbìnrin Ebira kan tí kò tíì pẹ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́. Bí ọ̀kan bá ṣe ọ̀sán, èkejì á ṣe òru. Bí aláboyún méjì bá rọbí pọ̀, à ń pe ẹni tó ń sùn nílé nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wọlé, mo bá Mátíróònù lórí bẹ́ǹṣì àwọn aláboyún, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà nílẹ̀, oorun ti gbé e lọ. Àwọn obìnrin tó wá fún àyẹ̀wò rọra dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sókè. Nígbà tó jí, ojú tì í gan-an.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dókítà o," ló wí.

Mi ò sọ. Ṣùgbọ́n Dókítà, ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ó ti gbé ìpolówó iṣẹ́ jáde ṣáájú ìgbà náà. Inú ìpolówó ilé ìwòsàn ńlá kan lórí ẹ̀rọ ayélujára ló ti ṣà á jọ, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tó wà lórí fóònù rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé a ń wá nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀dọ́, tó já fáfá, tí kò bẹ̀rù wàhálà, tó sì lè ṣe ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ti ní ìrírí tó pọ̀. Owó oṣù tó fani mọ́ra ń dúró dè é.

Ìwé wọlé bí òjò. Èmi ni mò ń kà á. Olùkọ́ wà níbẹ̀, akọ̀wé owó wà níbẹ̀. Awakọ̀ kan kọ̀wé pé òun kò bẹ̀rù wàhálà rárá, ẹ wo bí òun ṣe ń wakọ̀ l'ọ́nà Obajana tí tírélà kún fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pe ara wọn ní nọ́ọ̀sì jẹ́ ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlẹ́gbògi tàbí ní kílíníìkì àdúgbò, wọn ò ní ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀. Mi ò lè bínú sí wọn. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ là ń wá. Kódà, kò sí ibi tí a ti kọ agbẹ̀bí.

Àwọn tí ìwé wọn pé kì í kọ̀wé, ṣe ni wọ́n ń pe fóònù. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: "Ẹ̀yin mà, èló lẹ ń san?" Dókítà sì ti kì mí nílọ̀ pé kí n má dárúkọ iye kankan. Bí mo bá ti ní "Ẹ wá ná, a ó jọ sọ ọ́," wọ́n á dúpẹ́, fóònù á sì kú. Ẹyọ kan tó jàjà wá, láti Òkéné, jókòó pẹ̀lú wa títí, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ déédéé, àfìgbà tó gbọ́ pé iṣẹ́ òru wà. Ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn nílé, kò lè sùn síta. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ bá ti kọ ọ́, mà. Owó ọkọ̀ mi ìbá má lọ lásán."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Nígbà tó lọ tán, Dókítà fọwọ́ gbá tábìlì. "Àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́ ni!"

"Dókítà," mo ní, "ẹ jẹ́ kí èmi àti Mátíróònù tún ìpolówó yìí kọ."

Ó wo fáànù tó ń yí lókè, tó kàn ń da ooru Lokoja pa dà sí wa lórí. "Ẹ tún un kọ," ló wí. "Ẹ ò lè bà á jẹ́ ju báyìí lọ."

Èmi àti Mátíróònù jókòó sí yàrá àyẹ̀wò lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mo ka ti àkọ́kọ́ sí i létí láti òkè dé ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé?"

"Èmi gan-an ò lè wọ ilé ìwòsàn yìí pẹ̀lú ìwé tẹ́ ẹ kà yìí. Ọgbọ̀n ọdún? Àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn ti ń bímọ!"

A fa ìlà sórí ọjọ́ orí. A fa ìlà sórí ọ̀dọ́, sórí fáfá, sórí àìbẹ̀rù wàhálà, torí kò sẹ́ni tó máa kọ̀wé pé òun kì í ṣe fáfá. Mo wá bi í pé kí ni agbẹ̀bí wa ń ṣe gan-an láti ìgbà tó bá wọlé. Ó ń sọ, mo ń kọ. Ó ń ṣàyẹ̀wò aláboyún, ó ń wọn ìfúnpá, ó ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ó ń gbẹ̀bí, ó ń tọ́jú ìyá àti ọmọ lẹ́yìn ìbímọ, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń pe dókítà kíákíá bí ewu bá yọjú.

"Kí ni kò gbọ́dọ̀ máà ní?" mo bi í.

"Ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí, àti láísẹ́ǹsì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Kó sì ti ṣiṣẹ́ ní yàrá ìbímọ fún ọdún méjì, torí òun nìkan ló máa wà níbẹ̀ lóru kí dókítà tó dé."

"Èdè ńkọ́? Igala, Hausa, Ebira?"

Ó ronú díẹ̀. "Yóò ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe dandan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn."

Nítorí náà a pín in sí méjì: ohun tó jẹ́ dandan, àti ohun tí yóò dára bó bá wà. A kọ ọ́ pé iṣẹ́ òru wà ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, pé yàrá wà nínú ọgbà fún ẹni tó bá ń ti ọ̀nà jíjìn wá láti lò ní ọ̀sẹ̀ òru. A kọ ibi tí wọ́n máa fi ìwé ránṣẹ́ sí, àti ọjọ́ tí a máa tì í. A ní a kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí àwọn oníjìbìtì ti pọ̀ nídìí wíwá iṣẹ́.

Owó ló kù.

Dókítà kọ́kọ́ yarí. Ó ní bí a bá kọ iye, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wa á kà á. Ibẹ̀ ni mo ti lóye ohun tó ń bà á lẹ́rù. Láti rí agbẹ̀bí lásìkò yìí, iye tó ní lọ́kàn ju ohun tó ń san fún ọmọbìnrin Ebira yẹn lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, Dókítà," mo ní. "Bí a ò kọ ọ́, ọmọbìnrin yẹn ṣì máa gbọ́. Òun àti ẹni tuntun náà á jọ máa jẹun. Ọjọ́ tó bá gbọ́ ni yóò lọ, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Ó fa ìwé owó oṣù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mo jáde, ọkàn mi wúwo, mo rò pé mo ti sọ jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó pè mí wọ ọ́fíìsì. Ó ti fi kún owó ọmọbìnrin náà àti ti Mátíróònù, ó ní kí n pè wọ́n kí òun sọ fún wọn lójú ara wọn. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ó yá, ẹ kọ ọ́." A kọ ọ́: láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà dé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ lóṣù, kí a tó yọ owó orí, gẹ́gẹ́ bí ìrírí ẹni bá ṣe pọ̀ tó.

A gbé e jáde. Fóònù dákẹ́. Dókítà ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń wo ojú mi, èmi ò sì gbójú sókè. Mátíróònù nìkan ló ní kí á fara balẹ̀. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣí wọn, mò ń rí láísẹ́ǹsì, mò ń rí yàrá ìbímọ, mò ń rí ẹni tó kọ ọ́ pé òun ti rí i pé iṣẹ́ òru wà, òun sì lè ṣe é. Mo sinmi lé àga mi, mo mí kanlẹ̀.

Nínú àwọn tí a pè ni obìnrin Owé kan wà, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Obajana. Bó ṣe wọlé ló ní, "Okun o," bí Owé àti Yàgbà ṣe ń kí ara wọn, Mátíróònù náà sì dá a lóhùn, "Okun," ara gbogbo wa rọlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Mo bi í bóyá ó rí ìpolówó wa àkọ́kọ́.

"Mo rí i, mà. Mo kà á dé ibi ọjọ́ orí, mo yí i kọjá. Eléyìí ni mo rí tó sọ ohun tí mo máa ṣe, tó sọ ohun tí mo máa gbà, tó sì sọ pé yàrá wà. Èmi àti ọkọ mi jókòó, a ṣírò rẹ̀, a rí i pé ó ṣeé ṣe."

Mátíróònù bi í léèrè ohun tó máa ṣe bí obìnrin kan bá bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ ò dúró. Kò kánjú. Ó ní òun á pariwo fún ìrànwọ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n pe dókítà, òun á máa fọwọ́ ra ilé ọmọ kó lè le, òun á fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú un sún kì, òun á gbé omi sí i lára, òun á wò ó bóyá ibi ọmọ jáde tán àti bóyá ibì kan ya. Ó ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é nínú afẹ́fẹ́. Mátíróònù kò tún bi í ní nǹkan mìíràn. Ó kàn yí ojú sí mi.

A yẹ láísẹ́ǹsì rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, ó péye. A pe àwọn tó ti bá ṣiṣẹ́ rí, wọ́n sọ dáadáa nípa rẹ̀. A mú un. A tún mú ẹnì kejì, ọmọbìnrin Igala kan tó ń gbé ní Kpata, tí Dókítà fẹ́ràn nítorí pé ó béèrè ìbéèrè tó pọ̀ ju tiwa lọ. Mo kọ̀wé sí àwọn tí a kò mú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan fèsì pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa sọ fún òun pé òun kò wọlé, pé kí n bá òun kí Dókítà.

Èmi ni mo pe obìnrin Owé náà lórí fóònù ní Obajana, láti sọ fún un pé a ti gbà á. Ariwo tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Àṣé ó ti gbé fóònù kúrò lẹ́nu, ó ń pe ọkọ rẹ̀ láti inú ilé pé kó jáde wá, kó wá gbọ́. Ọkùnrin náà gba fóònù, ó kí mi títí, ó sì bi mí bóyá wọ́n lè gbé ibùsùn tiwọn wá sí yàrá inú ọgbà náà. Mo ní kí wọ́n gbé e wá.